Wáyà, káàdì rídà àbí wáìfáì: èwo ni kí a fi kó fótò kúrò nínú kámẹ́rà sínú fóònù?

Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé níbi ìsọmọlórúkọ ni ìyá ìkókó ti máa ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ya fótò, pé kí ó jọ̀wọ́ bá òun fi méjì tàbí mẹ́ta sórí Wáàsáàpù, nítorí pé àwọn ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀n ti ń béèrè. Kámẹ́rà kò ní Wáàsáàpù. Fótò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nínú kámẹ́rà kí ó bọ́ sínú fóònù, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wà tí ó lè gbà: kí a fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ fóònù, kí a yọ káàdì kámẹ́rà kí a sì fi í sínú káàdì rídà, tàbí kí kámẹ́rà fi wáìfáì ta á sí fóònù láìsí okùn kankan. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú kámẹ́rà tòkunbọ̀ méjì. Ọ̀kan ni Canon EOS 600D tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011, tí kò ní wáìfáì rárá. Èkejì ni Canon EOS 2000D ti ọdún 2018, tí ó ní in. Fóònù Áńdíróìdì ni mo ń lò jù, ṣùgbọ́n n óò mẹ́nu ba áìfóònù níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yàtọ̀.

Fóònù ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé kámẹ́rà ló ń pinnu ọ̀nà tí a óò gbà. Ní ti wáìfáì, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ti wáyà àti rídà, fóònù ló ní àṣẹ, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní OTG, èyí tí ó ń jẹ́ kí fóònù lè fún nǹkan mìíràn ní iná láti ojú ṣájà rẹ̀, kí ó sì ka ohun tó wà nínú nǹkan náà. A kò nílò kámẹ́rà láti dán an wò. Kí a ti fíláàṣì kékeré bọ ẹnu ìsopọ̀ kékeré tí wọ́n ń pe òun náà ní OTG, kí a sì ti OTG náà bọ ojú ṣájà fóònù; bí ohun tó wà nínú fíláàṣì bá hàn, fóònù náà yóò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí kò bá hàn, kí a má tíì sọ̀rètí nù, nítorí pé àwọn fóònù kan wà, pàápàá lára Oppo, Realme àti Vivo, tí a ní láti wọ inú Settings kí a fi ọwọ́ ara wa tan OTG, tí yóò sì tún pa ara rẹ̀ bí a kò bá lò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé rídà tuntun tí òun rà ti bàjẹ́ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán.

Áìfóònù láti orí 15, tí ó jáde ní ọdún 2023, ń lo ojú USB-C, nítorí náà rídà USB-C tí ó ń ṣiṣẹ́ lára Áńdíróìdì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ náà. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń lo ojú Lightning, wọ́n sì nílò rídà tí wọ́n ṣe fún ojú yẹn gan-an.

Wáyà: ó lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì kò jáde kúrò nílé

Àwọn kámẹ́rà méjèèjì tí mo dárúkọ ń lo ojú tí wọ́n ń pè ní Mini-B. Kì í ṣe ojú ṣájà àwọn fóònù Áńdíróìdì àtijọ́. Ó nípọn ju ìyẹn lọ, irú rẹ̀ ló sì wà lára pádì gémù PS3. Mo sọ èyí nítorí pé wáyà kì í sábà bá kámẹ́rà tòkunbọ̀ dé, ilé ẹni tó ń gbá gémù ni mo sì ti rí èyí tí mo kọ́kọ́ lò. Ìṣòro kan ló wà lára irú wáyà àyálò bẹ́ẹ̀: òmíràn nínú wọn kò mọ̀ ju kí ó gbé iná lọ, kò ní okùn tí dátà ń gbà. Bí a bá fẹ́ mọ̀, kí a so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí ohunkóhun nígbà tí kámẹ́rà wà ní títàn, wáyà náà ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Láti lò ó, a óò pa kámẹ́rà ná, a óò sì rí i pé wáìfáì inú rẹ̀ wà ní Disable bí ó bá ní in, nítorí pé kámẹ́rà bíi 2000D kì í ṣe wáìfáì àti wáyà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A óò ti ẹnu kékeré wáyà bọ kámẹ́rà, a óò ti ẹnu ńlá rẹ̀ bọ OTG, OTG yóò wọ inú fóònù, lẹ́yìn náà ni a óò tan kámẹ́rà. Lórí Áńdíróìdì, ìsọfúnni kan yóò jáde lókè ojú fóònù pé ó ti rí kámẹ́rà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, a óò rí àpò DCIM, nínú rẹ̀ ni 100CANON yóò wà, níbẹ̀ sì ni a óò ti yan àwọn fótò tí a fẹ́ kí a tó tẹ Copy. Lórí áìfóònù, Photos ni a óò ṣí, a óò sì rí Import.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára wáyà kì í ṣe ìyára. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń ka káàdì, tí ó sì ń mú fótò lé fóònù lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò rí káàdì náà gẹ́gẹ́ bí ilé ìkẹ́rù tí ó lè wọ̀ kí ó tú, fótò nìkan ni ó rí. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí bí fóònù ṣe lè sọ pé káàdì náà kò bá òun mu, kò sì lè ní kí a pa á rẹ́. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo káàdì CF, irú èyí tí ó fẹ̀ bí páálí ìṣáná, yóò mọ rírì wáyà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé rídà káàdì CF ti ń wọ́n lọ́jà.

Àléébù rẹ̀ ni pé iná kámẹ́rà ló ń jẹ. Bí bátìrì bá ti lọ sí ìdajì, èmi kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá pẹ̀lú wáyà. Kámẹ́rà tún máa ń sùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ bí a kò bá fi àkókò kún Auto power off, ojú ihò tó ti gbó náà sì máa ń já bí a bá gbé kámẹ́rà sípò mìíràn. Bí ó bá já lójijì, fótò tó ń kọjá lọ́wọ́ ni a óò fi mọ̀: apá òkè rẹ̀ yóò jáde dáadáa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di eérú láti etí kan dé èkejì. Èyí tó wà nínú káàdì kò ní nǹkan kan tó ṣe é, ẹ̀dà tó wà lórí fóònù ni kí a pa rẹ́ kí a sì tún un kó.

Káàdì rídà: ó yá jù lọ, ó sì léwu jù lọ

Rídà jẹ́ nǹkan kékeré tí kò tó àtàǹpàkò méjì. Ẹnu kan rẹ̀ ń wọ inú fóònù, ẹnu kejì ń gba káàdì SD. Kò lo bátìrì kámẹ́rà, kò bìkítà irú kámẹ́rà tí a fi ya fótò, bí ẹlòmíràn bá sì tún fẹ́ kó tirẹ̀, a kàn yọ káàdì kan fi òmíràn sí i ni. Bí fótò bá ti ju ogójì lọ, òun ni mo ń mú jáde.

Kí a tó yọ káàdì, kí a pa kámẹ́rà, kí a sì wo iná pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi kú. Iná yẹn ń tàn níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà bá ṣì ń kọ fótò sínú káàdì, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn káàdì nígbà tí ó ń tàn lè sọ fótò tó kẹ́yìn nù, nígbà mìíràn gbogbo àkọsílẹ̀ káàdì náà ni yóò dàrú.

Ibi tí ewu wà nìyí. Káàdì tí kò ju 32 GB lọ, ètò FAT32 ni kámẹ́rà máa ń fi tò ó nígbà tí a bá ṣe Format, ìyẹn nígbà tí a bá nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, kò sì sí fóònù OTG tí mo ti rí tí kò lè kà á. Káàdì 64 GB sókè, ètò exFAT ni wọ́n ń lò fún un. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà yìí ń ka exFAT, ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín àwọn olówó pọ́ọ́kú àti àwọn tó ti pẹ́, tí kò lè kà á. Fóònù tí kò lè kà á kì í sọ pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí yóò kọ síta ni pé káàdì náà ní àléébù tàbí pé ó nílò ìtúntò, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú wa kí a tẹ̀ ẹ́: Format. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kánjú yóò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí ìka rẹ̀ ti dé orí rẹ̀ tán níbi ìgbéyàwó kan, pẹ̀lú fótò ìjókòó àwọn òbí méjèèjì nínú káàdì. Bí kò bá jẹ́ pé mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, a kì bá ti mọ ohun tí a óò sọ fún ìdílé náà.

Ọ̀nà méjì ni mo fi dí ihò yìí. Àkọ́kọ́ ni pé káàdì 32 GB ni mo ń rà, mo sì ń ra méjì dípò 64 GB kan. Fún fótò lásán, 32 GB kan gbà ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ ní ìwọ̀n JPEG tó tóbi jù lọ lórí 2000D, nítorí náà kò sí ohun tí mo pàdánù. Ẹni tó ń ya fídíò ni ó lè bá mi jiyàn, nítorí pé FAT32 kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó ju 4 GB lọ. Ọ̀nà kejì wà lára káàdì náà gan-an: ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì káàdì SD, ẹ óò rí ike kékeré kan tó ń lọ sókè sódò. Bí a bá fà á sísàlẹ̀, káàdì ti di títì, ọ̀pọ̀ rídà kò sì ní jẹ́ kí fóònù kọ nǹkankan sínú rẹ̀ tàbí kí ó pa á rẹ́. Fóònù yóò ṣì lè kà á. Kí a kàn rántí fà á padà sókè kí káàdì tó padà sínú kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kámẹ́rà yóò kọ̀ láti ya fótò, ojú yóò sì kọ́kọ́ dà wá rú.

Nínú ohun èlò fáìlì, Copy ni kí a máa tẹ̀, kì í ṣe Move. Move ń pa fótò rẹ́ nínú káàdì bí ó ti ń kó o lọ, bí fóònù bá sì kún láàárín ọ̀nà, a óò wá ní ìdajì níhìn-ín, ìdajì lọ́hùn-ún.

Wáìfáì: ó rọrùn fún mẹ́ta, ó ń súni fún ọgọ́rùn-ún

Ohun tó ń ṣini lọ́nà lára wáìfáì kámẹ́rà ni pé kì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ń dá nẹ́tíwọ́kì kékeré kan sílẹ̀, fóònù sì ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ yàrá tí kò ní fèrèsé. Kò jẹ dátà kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́kì fóònù rárá. Ṣùgbọ́n fóònù, tí ó ti mọ́ lára pé wáìfáì gbọ́dọ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sọ pé nẹ́tíwọ́kì yìí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sì béèrè bóyá kí òun dúró níbẹ̀. Bí a kò bá dá a lóhùn pé kí ó dúró, yóò padà sórí dátà rẹ̀, ohun èlò kámẹ́rà yóò sì máa wí pé òun kò rí kámẹ́rà. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ń pè mí pé wáìfáì kámẹ́rà àwọn kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú. Bí ó bá ṣì ń kọ̀, kí a pa dátà fóònù ná títí a óò fi kó fótò tán.

Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò tirẹ̀: Camera Connect fún Canon, SnapBridge fún Nikon, Creators' App fún àwọn Sony tuntun. Lórí 2000D, a óò tan wáìfáì nínú mẹ́nù, a óò yan àwòrán fóònù, kámẹ́rà yóò gbé orúkọ nẹ́tíwọ́kì àti ọ̀rọ̀ aṣínà síta, a óò lọ bá a nínú Settings fóònù, lẹ́yìn náà ni a óò ṣí Camera Connect. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, fóònù yóò ti mọ̀ ọ́n, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a fún ohun èlò náà ní gbogbo àyè tó bá béèrè, títí kan ti ibi tí a wà lórí Áńdíróìdì, nítorí pé láìsí i, ó lè má rí nẹ́tíwọ́kì kámẹ́rà.

Kí a tún wo ìwọ̀n fótò tó dé. A lè yàn kí fótò wá bí ó ti wà tàbí kí a dín in kù, lórí 2000D ìwọ̀n kékeré náà sì jẹ́ 1920 × 1280. Fún Wáàsáàpù, kékeré yìí tó, nítorí pé Wáàsáàpù fúnra rẹ̀ yóò tún dín fótò kù bí a kò bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Fún fótò tí a fẹ́ tẹ̀ sórí páálí ńlá tí a ń gbé kọ́ sára ògiri, kò tó rárá. SnapBridge ń lọ síwájú sí i: bí a bá jẹ́ kí ó máa fi fótò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, 2 MP ni yóò máa gbé wá. Ẹni tó ń ya RAW, ìyẹn fótò tútù tí kámẹ́rà kò tíì sọ di JPEG, kò sì ní rí RAW rẹ̀ gbà báyìí lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ti pẹ́.

Kí ẹni tó fẹ́ ra kámẹ́rà nítorí wáìfáì sì ka àlàyé ara páálí dáadáa. Nikon D3500, tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, ní SnapBridge, ṣùgbọ́n búlútùùtù nìkan ló ní, kò ní wáìfáì. Fótò kékeré yóò dé. Èyí tó wà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an yóò máa rìn bí ìgbín.

Fótò 240 ní ọ̀sán Sátidé kan

Mo ya fótò 240 níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn pẹ̀lú 2000D. Fótò JPEG kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 7 MB, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,680 MB, tí kò pé 2 GB. Nígbà tí ìyá ìkókó ránṣẹ́ sí mi, mo yan mẹ́rin lórí kámẹ́rà, mo fi wáìfáì gbé wọn wá ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n sì ti wà lórí fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó pín omi inú ọ̀rá tán. Bí mo bá fẹ́ yọ káàdì nígbà náà, ǹ bá ti pàdánù àkókò tí bàbá àgbà gbé ọmọ náà lọ́wọ́, nítorí pé kámẹ́rà tí káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò lè ya nǹkankan.

Nígbà tí ayẹyẹ parí, ọ̀rọ̀ yí padà. Mo ti fi aago wo wáìfáì rí: fótò kan ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Fún 240, ìyẹn jẹ́ 1,200 ìṣẹ́jú-àáyá, ogún ìṣẹ́jú gbáko, tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú fóònù kú, tí bátìrì kámẹ́rà sì ń lọ. Rídà mi ń kó nǹkan bíi 20 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ó parí gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Wáyà ì bá ti gba bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ àti mẹ́ta kò tó ohun tí à ń bá ara wa jà lé lórí, èyí ni mo fi ń sọ pé ẹni tó ti ní wáyà rere tí ojú ihò kámẹ́rà rẹ̀ kò tíì gbó kò ní láti sáré lọ ra rídà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n fi owó ra ẹyọ kan ṣoṣo lónìí fún 600D mi tí kò ní wáìfáì, rídà ni n óò rà, pẹ̀lú káàdì 32 GB méjì, kí kámẹ́rà lè máa fi ọ̀kan ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì wà lẹ́nu fóònù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kọ exFAT tí káàdì 64 GB rẹ̀ sì ti kún fún fótò, kí ó má ṣe dù ú pẹ̀lú rídà. Kí ó dá káàdì padà sínú kámẹ́rà, kí ó sì lo wáyà. Ẹni tó ń fi mẹ́ta-mẹ́rin ránṣẹ́ lójú agbo, wáìfáì ni tirẹ̀, níwọ̀n bí kámẹ́rà rẹ̀ bá ti ní in.

Ọ̀nà yòówù kí a gbà, kí a ṣí fótò àkọ́kọ́, ti àárín àti ìkẹyìn lórí fóònù, kí a fẹ̀ wọ́n lójú, kí a sì ka iye wọn kí ó bá ti kámẹ́rà mu. Kí a tún rí i pé ẹ̀dà kejì ti wà níbòmíràn yàtọ̀ sí fóònù yìí. Lẹ́yìn èyí ni a óò tó dá káàdì padà, tí a óò sì ṣe Format rẹ̀ nínú mẹ́nù kámẹ́rà, kì í ṣe lórí fóònù, nítorí pé kámẹ́rà ni yóò kọ fótò tó kàn sínú rẹ̀.